Bí ohun tuntun ṣe ń yọ nínú áàpù láìsí àpúdéètì

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń lo áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan náà, ẹ̀dà kan náà gan-an ló sì wà lórí fóònù àwa méjèèjì. Láàárọ̀ àná, bọ́tìnnì kan yọ nínú tirẹ̀ tó ń sọ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ di ọ̀rọ̀ kíkọ. Kò ṣe àpúdéètì kankan. Tèmi ò ní in. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù, ọ̀rọ̀ yìí ò sì yé mi: ṣé wọ́n ń rọra fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù wa ni? Tí mo bá yọ áàpù náà kúrò tí mo tún gbé e sí i, ṣé tèmi náà á yọ?*

Kò sí kóòdù tuntun kankan tó wọ fóònù àbúrò rẹ láàárọ̀ àná. Kóòdù bọ́tìnnì yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé ẹ̀dà yẹn sórí fóònù, ó sì wà lórí tìrẹ náà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tó dé sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àná kò ju ìdáhùn kan lọ: bẹ́ẹ̀ ni. Tìrẹ ṣì wà lórí rárá.

Fílágì ni àwa tó ń kọ kóòdù ń pe ohun tó ń gbé ìdáhùn yẹn. Rò ó bí iná inú ilé. Wáyà ti wà nínú ògiri, gílóòbù ti wà lókè àjà, ohun gbogbo ti pé. Ó wá ku kí ẹnì kan tẹ súwíìsì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn tó ni áàpù ni súwíìsì yìí wà, lórí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ. Nínú kóòdù, gbogbo rẹ̀ lè máà ju èyí lọ:

```kotlin
if (filagi.tan("ohun_si_oro")) {
    fiBotiniHan()
}
```

Tí fílágì tó ń jẹ́ `ohun_si_oro` bá wà ní títàn, bọ́tìnnì á hàn. Tí kò bá sí ní títàn, áàpù á fo ìlà àárín yẹn kọjá bíi pé kò sí níbẹ̀. O lè máa lo áàpù náà fún oṣù kan gbáko kí o má mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé ẹ̀dà áàpù tó bá ti dé orí fóònù èèyàn kò ṣeé gbà padà. Tí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, wọ́n ní láti kọ ẹ̀dà mìíràn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ní ilé ìtajà áàpù, kí wọ́n wá máa retí kí olúkúlùkù ṣe àpúdéètì. Àwọn kan á ṣe é lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn kò ní ṣe é títí di oṣù mẹ́ta. Fílágì ló ya iṣẹ́ méjì tó so pọ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò lára ara wọn: gbígbé kóòdù dé orí fóònù, àti jíjẹ́ kí kóòdù náà ṣiṣẹ́. Ti àkọ́kọ́ lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìkejì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú, ó sì ṣeé dá padà.

Ìbéèrè rẹ nípa kóòdù tí wọ́n ń rọra fi ránṣẹ́ kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá. Òfin wà lórí rẹ̀. Nínú ìlànà App Store ti Apple, ẹsẹ 2.5.2 kọ̀ fún áàpù láti lọ gbé kóòdù wá láti ìta tó máa fi ohun tuntun kún iṣẹ́ rẹ̀ tàbí tó máa yí iṣẹ́ náà padà. Ilé ìtajà Google Play náà kò gbà kí áàpù gba kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ tààrà lórí fóònù láti ibòmíràn. Fílágì kò rú òfin yìí, nítorí kóòdù náà ti kọjá níwájú àwọn olùyẹ̀wò pẹ̀lú áàpù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 2.3.1 ti Apple tún sọ pé áàpù kò gbọdọ̀ ní ohun tó farapamọ́ tí wọn kò sọ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìn dáadáa yóò kọ ọ́ sí ibi àlàyé fún olùyẹ̀wò pé ohun báyìí wà nínú ẹ̀dà yìí, yóò sì fi bí wọ́n ṣe lè rí i hàn wọ́n.

Jẹ́ ká wá wo ọ̀nà tí ìdáhùn yẹn fi ń dé orí fóònù. Bí áàpù ṣe ń ṣí, ó máa ń béèrè lọ́wọ́ sáfà pé, "Àkáǹtì báyìí ni mí, ẹ̀dà 5.2.0 ni mò ń lò. Kí ni ipò àwọn fílágì mi?" Sáfà á dá fáìlì kékeré kan padà:

```json
{
  "ohun_si_oro": true,
  "ibere_tuntun": false
}
```

Áàpù á tọ́jú fáìlì yìí sínú fóònù kí ó má baà jẹ́ pé ìgbàkigbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ ni ó máa gbàgbé ohun tó mọ̀. Nítorí náà, ibi mẹ́ta ni ìdáhùn kan ti lè wá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti sáfà ló dára jù. Tí sáfà kò bá ṣeé kàn, áàpù á lo èyí tó tọ́jú kẹ́yìn. Tí kò bá tíì tọ́jú ìkankan, bíi ti ẹni tó gbé áàpù sórí fóònù tí kò sì sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tó ti kọ́kọ́ ṣí i, á lo ìdáhùn tí wọ́n kọ mọ́ inú áàpù fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn ìkẹta yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ rárá fún ohun tuntun tí a kò tíì dán wò tó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sí bẹ́ẹ̀ ni nítorí pé ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn nígbà tí wọ́n ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà wọn; lọ́jọ́ tí sáfà fílágì wọn kú, gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áàpù náà sórí fóònù ló ń rí iṣẹ́ tí kò tíì parí.

Báwo ni sáfà wá ṣe mọ̀ pé àbúrò rẹ ni òun máa fún, pé kì í ṣe ìwọ? Lọ́dọ̀ sáfà, fílágì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lásán. Ìlànà ni, tó rí báyìí:

```json
{
  "filagi": "ohun_si_oro",
  "titan": true,
  "eda_to_kere_ju": "5.2.0",
  "ida_ninu_100": 5
}
```

Ìlà ẹ̀dà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó bá ń lo 5.1.0 kò ní kóòdù bọ́tìnnì náà rárá. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tan ohun tí kò sí níbẹ̀. Ààlà tí fílágì kò lè fò nìyẹn: ohun tí wọ́n bá ti gbé dé orí fóònù nìkan ló lè tàn.

Ìlà tó kẹ́yìn ló ya ìwọ àti àbúrò rẹ sọ́tọ̀. Ó ní kí wọ́n tan án fún ìdá 5 nínú 100 àwọn àkáǹtì. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí sáfà ṣẹ́ gègé ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí áàpù. Ìyẹn á jẹ́ ìyà fún olùlò: bọ́tìnnì á wà láàárọ̀, kò ní sí lọ́sàn-án, á tún yọ lálẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á so orúkọ fílágì pọ̀ mọ́ nọ́ḿbà àkáǹtì rẹ, wọ́n á wá da méjèèjì sínú ìṣirò tó ń jẹ́ háàṣì, tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí di nọ́ḿbà ńlá kan:

```
hash("ohun_si_oro:40817") % 100
```

Ká ní 40817 ni nọ́ḿbà àkáǹtì rẹ, ká sì ní háàṣì mú 2764183937 jáde. Fi 100 pín in, 37 ló máa ṣẹ́kù. 37 yìí ni ààyè rẹ láàárín 0 sí 99 fún fílágì yìí, kò sì ní yí padà láé, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ní í máa ń bí nọ́ḿbà kan náà. Ká ní ti àbúrò rẹ ṣẹ́ku 3. Nígbà tí ìlànà wà ní 5, àwọn tó wà láàárín 0 sí 4 nìkan ló wọlé. Ó wọlé, ìwọ kò wọlé. Tí wọ́n bá gbé e sókè sí 25, ìta náà ni o ṣì máa wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé 50 ni ìwọ náà máa rí bọ́tìnnì, àbúrò rẹ kò sì ní pàdánù tirẹ̀ láàárín gbogbo àkókò yẹn, nítorí 3 ṣì kéré sí 50. Ìṣirò yìí wù mí púpọ̀: sáfà kò nílò ìwé kankan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n yàn sí, síbẹ̀ kò ní ṣi ẹnì kankan mú.

Wàá béèrè pé kí ló dé tí orúkọ fílágì fi wà nínú ìṣirò náà. Tí ó bá jẹ́ nọ́ḿbà àkáǹtì nìkan ni wọ́n lò, àwọn èèyàn kan náà ni yóò máa bọ́ sí 0 sí 4 nínú gbogbo fílágì. Àwọn ni gbogbo ohun tí kò tíì dára tán yóò máa dé bá, áàpù á máa dààmú wọn lójoojúmọ́. Tí orúkọ fílágì bá wà níbẹ̀, ìwọ tí o jẹ́ 37 nínú èyí lè jẹ́ 2 nínú òmíràn.

Ohun tí àwọn tó ni áàpù ń wò ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń gbé nọ́ḿbà yẹn sókè ni iṣẹ́ gidi. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí àkáǹtì òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọn, kí wọ́n tó lọ sí 1, sí 5, sí 25. Níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á wá fi àwọn tí fílágì tàn fún wé àwọn tí kò tàn fún, lórí ẹ̀dà kan náà. Ká ní, nínú ẹgbẹ̀rún ìgbà tí àwọn tí kò ní bọ́tìnnì ṣí áàpù, ó kú mọ́ wọn lójú ní ìgbà 2, tí ti àwọn tó ní in sì jẹ́ ìgbà 9. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá wo irú fóònù tí wọ́n ń lò, wọ́n lè rí i pé gbogbo ìgbà 7 tó lé yẹn ló ṣẹlẹ̀ lórí fóònù tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò tó 3 GB, nítorí pé áàpù ní láti gbé fáìlì ńlá tó ń da ohùn mọ̀ sínú mẹ́mọ́rì kí ó tó lè kọ ọ̀rọ̀ jáde. Kò pọn dandan kí wọ́n pa á fún gbogbo èèyàn. Wọ́n á fi ìlà kan kún ìlànà náà pé kí mẹ́mọ́rì má kéré sí 3 GB, àwọn tó ní fóònù ńlá á máa bá a lọ, àwọn yòókù á padà sí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, láìsí ẹni tó ṣe àpúdéètì.

Kí o má ṣe gbára lé ìdá 1 jù nígbà tí ìwọ náà bá ń ṣe èyí o. Tí áàpù rẹ bá ní olùlò 20,000, ìdá 1 jẹ́ èèyàn 200. Àṣìṣe tó ń mú ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún lè máà hàn láàárín wọn rárá, ìwọ á sì rò pé gbogbo nǹkan dára.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti máa ń kọsẹ̀ jù ni ìrètí wọn pé tí àwọn bá pa fílágì, ó ti kú lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kò mọ̀ títí tí á fi béèrè. Nínú Firebase Remote Config, irinṣẹ́ Google fún irú fílágì yìí tí ọ̀pọ̀ áàpù ń lò, tí o kò bá yí i padà, wákàtí 12 ni áàpù máa lo ohun tó tọ́jú kí ó tó tún lọ béèrè. Ẹni tó béèrè ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí o wá pa fílágì ní aago mẹ́sàn-án, lè máa lo ohun tó bàjẹ́ náà títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìṣísẹ̀ méjì ló tún wà níbẹ̀: gbígba ìdáhùn tuntun wá, àti mímú un lò. Àwọn áàpù kan máa ń gbà á báyìí, kí wọ́n tó wá mú un lò nígbà tí èèyàn bá tún ṣí áàpù, kí bọ́tìnnì má baà ṣàdédé pòórá níwájú ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. O lè dín wákàtí yẹn kù, o sì lè jẹ́ kí áàpù di ìlà ìbánisọ̀rọ̀ kan mú pẹ̀lú sáfà kí ìyípadà máa dé ní kété tó bá ṣẹlẹ̀. Fún ohunkóhun tó lè ba nǹkan àwọn èèyàn jẹ́, èyí ni mo máa ń rọ àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n lò.

Èyí tó tún burú jù ú lọ ni kí ohun tuntun pa áàpù kí áàpù tó béèrè. Ká ní kóòdù ohùn náà ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ tí áàpù ń ṣí, tí ìbéèrè fílágì sì wà ní ìṣísẹ̀ kẹta. Áàpù á ṣí, á rí bẹ́ẹ̀ ni tó tọ́jú láná, á gbìyànjú kóòdù náà, á kú. Olùlò á tún ṣí i, á tún kú. Ìwọ ti pa fílágì lórí sáfà látàárọ̀, ṣùgbọ́n fóònù yẹn kò ní gbọ́ láé, nítorí kì í dé ibi tó ti ń béèrè. O máa mọ̀ ọ́n nípa pé iye áàpù tó ń kú kò lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí o ti pa fílágì, àwọn fóònù kan náà ló sì ń kú lemọ́lemọ́. Àtúnṣe rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú áàpù ṣáájú: kí áàpù kọ àmì kan sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣí, kí ó pa àmì náà rẹ́ nígbà tó bá ṣí tán. Tí ó bá bá àmì méjì tí kò parẹ́, ó ti kú lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Kí ó da gbogbo ìdáhùn tó tọ́jú nù, kí ó lo èyí tí wọ́n kọ mọ́ inú rẹ̀, kí ó sì lọ béèrè kí ó tó ṣe ohun mìíràn.

Fílágì kì í ṣe àgádágodo o, má ṣe fi ìpamọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè tú áàpù palẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó ka orúkọ gbogbo fílágì, kí ó sì fi ipá tan bọ́tìnnì náà. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn ohun tuntun fi máa ń jáde kí ilé iṣẹ́ tó kéde rẹ̀. Tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí a ń sanwó fún, sáfà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an gbọ́dọ̀ tún yẹ àkáǹtì wò kí ó tó dáhùn.

Nígbà tí ìdá bá sì ti dé 100, tí gbogbo nǹkan dúró dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ yọ `if` yẹn kúrò nínú kóòdù. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Fílágì 10 tí ẹ fi sílẹ̀ túmọ̀ sí pé áàpù yín lè wà ní ipò 1,024 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tó dán gbogbo rẹ̀ wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Knight Capital, ilé iṣẹ́ ìdókòwò kan ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń jiyàn. Kóòdù kan wà lórí sáfà wọn tó ń jẹ́ Power Peg, wọ́n ti pa á tì láti ọdún 2003, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ohun tuntun wọlé, wọ́n tún fílágì tó ń tan Power Peg tẹ́lẹ̀ lò fún un. Sáfà 8 ni wọ́n ní, kóòdù tuntun kò dé orí ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ọjà ṣí tí fílágì sì tàn, sáfà 7 ṣe ohun tuntun, ìkẹjọ jí Power Peg dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín okòwò, ó ń tà á, kò dúró. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, owó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n tilẹ̀ mú kí ó burú sí i fúngbà díẹ̀, nítorí wọ́n yọ kóòdù tuntun kúrò lórí sáfà 7 tó ń ṣe dáadáa, fílágì sì ṣì wà ní títàn, bẹ́ẹ̀ ni Power Peg jí lórí àwọn náà. Ohun méjì ni kí o mú níbẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ: má ṣe fi orúkọ fílágì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun láé, kí o sì kọ́kọ́ pa fílágì kí o tó yí kóòdù padà sẹ́yìn.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn. Kọ́kọ́ pa áàpù náà tán pátápátá, kì í ṣe kí o kàn kúrò nínú rẹ̀, kí o wá ṣí i níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà. Ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó lè jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ ló gba ìdáhùn, ìgbà kejì ló mú un lò. Tí bọ́tìnnì kò bá yọ, a jẹ́ pé ààyè rẹ kò tíì kàn. Yíyọ áàpù kúrò kí o tún gbé e sí i kò ní ṣe nǹkan kan tí ó bá jẹ́ nọ́ḿbà àkáǹtì ni wọ́n fi ń ṣírò, torí 37 ṣì ni ọ́ nígbà tí o bá padà wọlé. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo nọ́ḿbà tí áàpù fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé orí fóònù ni ó ti lè yí padà, o lè bọ́ sí 3, o sì lè bọ́ sí 92. Nínú áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí èèyàn ní láti fi àkáǹtì wọlé, nọ́ḿbà àkáǹtì ni mo rò pé wọ́n ń lò. Bí o bá sì máa yọ ọ́ kúrò náà, kọ́kọ́ tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀.